Ìwé Awò Tí Màámi Láminétì

Màámi ò mọ̀wé kà títí irun ẹ̀ fi funfun. Kíláàsì àgbàlagbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ti wá kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n ní òun ni yóò ka ẹ̀kọ́ kejì lọ́jọ́ Ìkórè, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Kò sí ará àdúgbò tí kò sọ fún.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Ìkórè, ó wá gba sùtánà tí mo rán fún un lọ́dọ̀ mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Inú mọ́tò ló ti jókòó lé awò ojú ẹ̀ lórí, ó sì fọ́. Kàkà kó sunkún, ó fa ìwé kan yọ nínú báàgì. "Ìwé tí wọ́n fi ṣe awò mi rèé. Mo ti láminétì ẹ̀, kò lè bàjẹ́ láéláé."

A gba Sábó kọjá lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú, ọmọbìnrin kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu ẹ̀. Ó wo déètì ìwé náà.

"Màmá, ìwé yìí ti tó ọdún mẹ́fà! Ọdún kan sí méjì ló máa ń wúlò mọ. Ojú ń yí padà, pàápàá ojú àgbà. Tí mo bá fi èyí ṣe awò fún yín, orí á máa fọ́ yín, ẹ ò sì ní rí Bíbélì kà dáadáa. Ẹ jẹ́ ká tún ojú yín yẹ̀ wò."

Èmi tí inú mi kì í pẹ́ bí, mo ní, "Ìwé tó ṣì ń dán gbinrin!"

"Panu mọ́," ni màámi wí.

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún wo inú ẹyinjú, ó ní kò sí àrùn níbẹ̀. Àmọ́ ojú ọ̀tún ti yàtọ̀ púpọ̀, òun kò sì ní lẹ́ǹsì, ìyẹn gíláàsì inú awò, tó bá a mu títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkàn màámi rẹ̀wẹ̀sì. Àánú ẹ̀ ṣe mí gan-an.

"Ẹ jọ̀ọ́ dókítà, ẹ fún wa ní kọ́pì ìwé tuntun náà," ni mo wí.

"Kí ló dé tí mi ò ní fún yín? Ojú yín ni." Ó kọ ti ojú ọ̀tún àti ti òsì, ó kọ déètì, ó sì buwọ́ lù ú. "Ọ̀dọ̀ onígíláàsì tó bá wù yín lẹ lè gbé e lọ."

"Màá láminétì èyí náà," ni màámi wí.

"Háà, Màmá! Ẹ tọ́jú ẹ̀ o, ṣùgbọ́n tó bá di àmọ́dún, ẹ tún padà wá yẹ ojú wò."

Mo tẹ̀ lé màámi padà sí Ọ̀yọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, onígíláàsì kan nítòsí Ọjà Akẹ̀sán fi kọ́pì yẹn ṣe awò náà. Màámi fi sójú, ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé bí o ti sanra tó nìyí?" Ẹ̀rín pa gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ẹsẹ mẹ́jọ ni wọ́n ní kó kà. Ó kà á ketekete. Ó dé ìkẹjọ, kò dúró. Wòlíì ìjọ wọn wúkọ́, kò gbọ́. Ìjọ ké "Àmín!", ó ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Wòlíì rọra fọwọ́ kàn án léjìká, ó gbójú sókè, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, Bàbá. Mo ṣì ń rí i."