Lẹ́tà tí Mo Gbé Lọ fún Manang Sidra

Nígbà náà, èmi ni mo ń fọ aṣọ, tí mo sì ń se àwọn ohun èlò nínú omi gbígbóná ní ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní ìlú èbúté Iloilo. Manang Sidra ni àgbà agbẹ̀bí wa; "Manang" ni a máa ń pe obìnrin tó bá jù wá lọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń gbẹ̀bí kí lẹ́tà tó dé pé kí ó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ipò olórí agbẹ̀bí ìlú, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n ló ti ń wá ipò náà.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, ó ti wọ bàtà gíga rẹ̀, ni wọ́n fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta gbé Luming, ìyàwó apẹja, dé. Ó ti ń rọbí. Agbẹ̀bí kejì sì ti lọ sin bàbá rẹ̀. Manang bọ́ bàtà, ó lọ fọwọ́.

Mo bi í pé, "Ẹ ò ní pè wọ́n ni?"

"Kí n wá sọ pé kí ni? Ojú ń tì mí. Jẹ́ kí wọ́n rò pé mo gbàgbé."

Bí ìtìjú ṣe ń ṣe àwa ará ibẹ̀ nìyẹn: èèyàn á kúkú parẹ́ ju kó tọrọ àforíjì lọ.

Luming ló dáhùn látorí ibùsùn: "Manang, bí iṣẹ́ yẹn bá bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí mi, orúkọ yín ni n ó sọ ọmọ yìí, kó jẹ́ akọ kó jẹ́ abo, kó lè máa dá yín lẹ́bi pé ẹ ò pè wọ́n. Ẹ lọ pè!"

Tẹlifóònù wà ní ilé oògùn tó kọjú sí wa. Manang kì í rọra sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ lójú fèrèsé.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Isidra Palmares ni. Mi ò ní lè dé aago mẹ́wàá. Obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ mi, kò sì sẹ́lòmíì. Ẹ má bínú. Mo lè wá lọ́la, tàbí láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé." Ó tẹ́tí sí èsì. "Aago mẹ́rin òní? Rárá, Mà, mi ò lè ṣèlérí ẹ̀. Ọmọ kì í wo aago."

Mo rò pé ó ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́.

Nígbà tó wọlé, ó ní, "Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ. Akọ̀wé ọ́fíìsì ìlú ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n."

Ó kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, ó wá fi bírò tún un kọ dáadáa sórí ìwé mìíràn: ìdí, àforíjì, ọjọ́ tuntun, ìdúpẹ́. Ìlà mẹ́rin péré. Èmi ni mo gbé e lọ. Akọ̀wé lu òǹtẹ̀ sí i lójú mi.

Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú lọmọ dé, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá títí di aago márùn-ún. Obìnrin ni ọmọ náà. Luming ò dúró kó mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà bọ́; Isidra ló sọ ọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé, Manang padà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́. "Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, 'Ìyá ọmọ ńkọ́?'"

Nígbà tí oṣù kẹfà dé, ó ti lọ bá iṣẹ́ tuntun. Ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi gbé lẹ́tà tó mú un kúrò lọ́dọ̀ wa. Èyí tó fi pẹ́ńsù kọ wà nínú àpótí mi. Ó ti ń parẹ́. Ṣùgbọ́n bí kẹ̀kẹ́ bá dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mo ṣì máa ń dìde kí n lọ gbé omi kaná.