Àwọ̀ Tí Wening Fi Pamọ́

Wọ́n ní Wening máa ń lá àlá àwọ̀ fíìmù kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtàn rẹ̀. A gba díẹ̀ gbọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Jósẹ́fù náà ṣáà lá àlá, Ọlọ́run kò sì sọ pé àlá kò gbọdọ̀ dé Jogja, ìlú wa. Ìyókù, gbogbo wa la mọ̀ pé obìnrin náà fẹ́ràn oorun ọ̀sán.

Kí ilé iṣẹ́ kátúùnù wọn tó ya fíìmù kan, òun ló ń kọ́kọ́ kun àwọn àwòrán kéékèèké tí kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ, tí á tò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn dé òpin. Kò sí ojú, kò sí imú níbẹ̀. Àwọ̀ àti ìmọ́lẹ̀ nìkan ni. Ẹni tó bá dín ojú wò wọ́n láti òkèèrè á mọ ibi tí inú ti dùn, á mọ ibi tí ọkàn ti gbọgbẹ́.

Fíìmù tọ̀tẹ̀ yìí dá lórí ọmọbìnrin kan, Laras, àti ìyá rẹ̀ àgbà tó ń kiri àgbo. Ní apá kìíní, Wening fi àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ata ilẹ̀ pupa, sínú ìgò àgbo, sára ògiri, sára ewé. Ní àárín fíìmù, ìyá àgbà kú. Ni Wening bá yọ ìyeyè kúrò nínú gbogbo nǹkan. Ewé di búlúù rẹ́súrẹ́sú, ọ̀sán di eérú, òjò ń rọ̀ sórí oko ìrẹsì bí omi tí èèyàn ń rí lójú oorun. Ìyeyè kò padà títí di àwòrán ìkẹyìn, nígbà tí Laras fúnra rẹ̀ gún ata ilẹ̀ pupa, tí ìyeyè rẹ̀ wá kùn ún lọ́wọ́. Wening pẹ́ níwájú àwòrán yẹn, àfi bíi pé òórùn ìyá tó bí ìyá tirẹ̀ gba gbogbo yàrá. Èyí nìkan ló fẹ́ kí wọ́n má fọwọ́ kàn.

Galih, olùdarí fíìmù, wọlé pẹ̀lú tíì rẹ̀.

“Àǹtí Wening, àárín yìí tutù jù. Èèyàn á sùn.”

“Jẹ́ kí wọ́n sùn díẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni.”

“Mo ti bá yín tan fìtílà kan síbẹ̀.”

Ó ṣí kọ̀ǹpútà. Ìyeyè ń tàn yòò láàárín ilé ọ̀fọ̀.

“Ẹyọ fìtílà kan péré, àǹtí!”

“Ẹyọ eṣinṣin kan náà ló ń bọ́ sọ́bẹ̀. Wo ìkẹyìn.”

Wọ́n jọ wò ó. Ìyeyè ọwọ́ Laras wà níbẹ̀ ṣáá, bí nǹkan ọjà lásán.

“Ojú ti yó kó tó débẹ̀,” ni Wening wí.

“Ṣé fìtílà á wá máa tan búlúù ni?”

“Á tàn funfun, á tutù bí òṣùpá. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kùn ún, kó o tó fi ọwọ́ tíì kàn án.”

“Ta ló máa mọ̀ pé ẹ fi àwọ̀ kan pamọ́?”

“Wọn ò ní mọ̀. Wọ́n á kàn sunkún ni.”

“Àǹtí, èmi ni olùdarí o.”

“Mo mọ̀. Àárọ̀ yìí náà ni mo gbàdúrà fún ọ. Ó jọ pé kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ. Yọ fìtílà yẹn, tàbí kó o yọ orúkọ mi.”

“Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká kàn rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó má ta yọ, kó dà bíi…”

Ó ṣì ń wá ohun tí á dà bí nígbà tí Wening ki ẹsẹ̀ bọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, tó sì bọ́ sínú òjò tó ń rọ̀ níta.