Okùn Ọ̀rá Dúdú Inú Fọ́tò

Aṣọ òtútù ọmọdé kan ni mò ń wò lórí fóònù nígbà tí ìpè wọlé. Aṣọ náà ní fìlà, okùn sì wà lára fìlà ọ̀hún, mo wá ń fi ìka méjì fẹ fọ́tò náà lójú kí n lè mọ̀ bóyá okùn yẹn ṣe é fà yọ. Obìnrin tó fẹ́ rà á jókòó tì mí lórí báǹṣì níwájú ilé wa l'Ájégúnlẹ̀, ó ń jẹ gúgúrú.

Mo ní, "Tó o bá rà á, fa okùn yìí yọ kó o tó wọ̀ ọ́ fún un. Okùn ọrùn kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọmọdé."

Ó ní, "Dókítà Fọ́tò! Ẹ ò ní jẹ́ ká ra nǹkan kan láyé yìí."

Ẹnu ẹ̀rín yẹn ni mo wà tí mo fi gbé ìpè náà. Ọkọ àbúrò mi ni. Tírélà ló ń wà ní etí omi Àpápá, ohùn rẹ̀ sì máa ń dún bíi fèrè tírélà náà gan-an. Lọ́jọ́ yẹn, mo ní láti fi ọwọ́ di etí kejì kí n tó gbọ́ ọ.

"Àǹtí, ẹ máa bọ̀ ní ọsibítù. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti já sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọ."

Kò sọ bẹ́ẹ̀dì wo. Kò sí bẹ́ẹ̀dì méjì tí mo bá wọn yàn.

Ó yẹ kí n sọ bí mo ṣe di Dókítà Fọ́tò. Obìnrin kan tí a ń pè ní Madam wà ní Warehouse Road tó máa ń ra ẹrù ọmọdé tòkúnbọ̀ láti inú kọ̀ǹténà: aṣọ, kẹ̀kẹ́ ọmọ, àga ìjẹun, bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n bá ti ṣí kọ̀ǹténà báyìí, á ya fọ́tò, á jù ú sórí wáàsáàpù, sínú gúrúpù wa tí gbogbo wa jẹ́ ìyá ọmọ àti aboyún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ "tèmi ni" ló ni ẹrù. Tó o bá ní o fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ lọ wò ó, kó o tó la àárín àwọn tírélà kọjá láti Ájégúnlẹ̀, ẹlòmíì ti gbé e lọ sílé. Nítorí náà, inú fọ́tò ni ọjà wa wà. Ẹni tí kò bá mọ fọ́tò wò, á ra ìyà.

Èmi náà ti ra ìyà rí. Nígbà tí mo bí ọmọbìnrin mi, mo ra aṣọ mẹ́fà tó ń dán gbinrin nínú fọ́tò. Nígbà tí wọ́n dé, gbogbo àyà wọn ló ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nítorí wàrà àtijọ́. Iná fóònù ló bò ó. Látìgbà náà ni mo ti ń ní kí Madam gbé aṣọ síta gbangba kó tó yà á. Mo máa ń wo abíyá, mo máa ń wo orúnkún, mo máa ń wo ìdí bọ́tìnnì onírin tí wọ́n ń tẹ̀ pa, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ ti ń ya, tí bọ́tìnnì á sì já sí ọmọ lẹ́nu. Bó bá jẹ́ àga tí wọ́n ń so mọ́ inú mọ́tò, mo máa ní kí wọ́n yí i dojú bolẹ̀ kí n rí ọdún tó wà ní ìdí rẹ̀, màá sì tún sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé kò sẹ́ni tó lè bá a búra pé kò tíì jókòó nínú jàǹbá rí. Madam máa ń bínú sí mi. "You this woman, na customs you for join," ló máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń ya fọ́tò tí mo bá ní kó yà.

Ọdún márùn-ún ni àbúrò mi fi wá ọmọ. Nígbà tó bí ọkùnrin náà, mo rò pé ilé yóò wó fún ayọ̀. Orí fóòmù kan ṣoṣo nílẹ̀ ni òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ ń sùn. Ọkùnrin tó bá wa tírélà ọjọ́ mẹ́ta, bó bá sùn, òkúta ló sùn. Ẹ̀rù ń ba àbúrò mi pé lọ́jọ́ kan yóò yí lu ọmọ. Ó sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi wo bẹ́ẹ̀dì ọmọ tó dáa. Mi ò mọ fọ́tò wò bíi tiyín. Èyí tẹ́ ẹ bá ti ní kí n rà ni màá rà."

Ó dé lọ́jọ́ kan. Bẹ́ẹ̀dì onígi funfun, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan máa ń lọ sókè, tó máa ń wá sílẹ̀, kí ìyá lè gbé ọmọ láìbẹ̀rẹ̀. Mo kọ "tèmi ni" kí ẹnikẹ́ni tó mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Mo ní kí Madam fi agolo mínírà sáàárín àwọn ọ̀pá rẹ̀, torí bí agolo bá kọjá, ara ọmọ á kọjá, orí á há. Kò kọjá. Mo wo ọ̀dà ibi tí ọmọ á máa fi eyín họ, kò ṣí. Mo wo ìsàlẹ̀, pákó pé.

Ní igun ìsàlẹ̀ kan, lára ẹ̀gbẹ́ tó ń lọ sókè sílẹ̀ yẹn, mo rí okùn ọ̀rá dúdú, irú èyí tí àwọn oníná fi ń so wáyà pọ̀, tí wọ́n fà pinpin mọ́ igi.

Mo rí i. Mi ò lè sọ pé mi ò rí i.

Ẹni tó bá ń ra ẹrù kọ̀ǹténà mọ okùn yẹn. Kò sí ẹrù tó ń ti òkè òkun bọ̀ tí wọn kì í fi okùn dì, kí ó má baà tú ká lórí omi. Ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ, ẹsẹ̀ àga, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n máa ń so. Bí ẹrù bá délé, ọ̀bẹ lèèyàn ń kọ́kọ́ wá. Ó tó ẹgbẹ̀rún ìgbà tí mo ti rí i. Nígbà tí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì náà dé, àbúrò mi pè mí pé okùn kan wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ni kí àwọn fi ṣe? Mo ní, "Okùn kọ̀ǹténà ni. Ẹ gé e dànù." Mo gbọ́ ọkọ rẹ̀ tó ń wá ọ̀bẹ, tó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn fóònù: "Àǹtí Customs ti ní kí ẹrù wa kọjá o!"

Okùn kọ̀ǹténà kọ́. Ike tó di ẹ̀gbẹ́ yẹn mú ní igun náà ti kán láti ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ́kọ́ ni ín. Ẹnìkan níbẹ̀ ló fi okùn so ó. Okùn yẹn nìkan ló kù tó ń dì í mú.

Bẹ́ẹ̀dì náà dúró fún oṣù mélòó kan láìsí okùn, nítorí ọmọ ṣì kéré, ẹ̀yìn ló ń fi sùn. Nígbà tó di ọmọ oṣù mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà dìde, ó ń fara ti ẹ̀gbẹ́ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àbúrò mi lọ ṣa aṣọ lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ náà yọ. Àlàfo là láàárín rẹ̀ àti fóòmù, ọmọ yọ̀ wọ ibẹ̀, ọrùn rẹ̀ há. Mi ò ní kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí mo dé ọsibítù, ilẹ̀ ni àbúrò mi jókòó sí. Aṣọ tó ṣà ṣì wà léjìká rẹ̀. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò gbà. Ọkọ rẹ̀ dúró, ó kọjú sí ògiri. Ọmọ ti lọ.

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, wọn kì í jẹ́ kó dé ibi tí wọ́n sin ín sí. Ilé ni mo jókòó tì í. Mi ò lè wo ojú rẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́jọ tó tẹ̀ lé e, bí àwọn èèyàn ṣe ń wọlé tí wọ́n ń sọ pé "Ọlọ́run ló fún wa, Òun náà ló gbà á", ni mò ń sọ lọ́kàn pé Ọlọ́run kọ́ ló ní kí wọ́n gé okùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ilé ti dá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, fọ́tò bẹ́ẹ̀dì yẹn, ṣé ó ṣì wà lórí fóònù yín?"

Mo lè parọ́. Mo ṣí i fún un. Ó gbà á, ó sì fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́ lójú, bí mo ṣe máa ń ṣe gan-an: ó wo òkè, ó wo àwọn ọ̀pá, ó wá dé ìsàlẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹ ò bi Madam léèrè?"

"Mi ò bi í. Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n."

Ó dá fóònù padà fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí wọ́n ṣe ń dá nǹkan padà fún àgbà. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Kò bú mi. Ì bá bú mi. Bó ṣe sọ "ẹ ṣeun" yẹn, mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló tì. Kò sì tíì ṣí i títí di ìgbà tí mò ń kọ èyí. A máa ń kíra. Ẹni tó bá wò wá lókèèrè, á ní ọ̀rẹ́ ni wá.

Àwọn obìnrin gúrúpù ò yéé fi fọ́tò ránṣẹ́: "Dókítà, ẹ bá wa wò ó." Ohun kan ni mo kọ sí wọn kí n tó jáde níbẹ̀: pé okùn yòówù tí wọ́n bá rí lára ẹrù, kí wọ́n ní kí Madam gé e ṣíwájú kó tó ya fọ́tò, kó sì gbọn ẹrù náà, kí wọ́n rí ohun tó máa já. Madam fèsì pé, "Ah ah, my sister, who vex you?" Mo jáde kúrò nínú gúrúpù.

Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún mẹ́fà nígbà náà. Láti ọjọ́ ìsìnkú ló ti dákẹ́, mo sì rò pé ìbànújẹ́ àwa àgbà ló ràn án. Lọ́sàn-án Sátidé kan, mò ń dirun fún un, orí rẹ̀ wà láàárín orúnkún mi, ó ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Mọ́mì, èmi ni mo bà á jẹ́."

"Kí lo bà jẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀dì bébì. Nígbà tá a lọ kí wọn, mo gun ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, mò ń jan ara mi mọ́ ọn. Àǹtí ní kí n sọ̀kalẹ̀, mi ò tètè sọ̀kalẹ̀." Ó bú sẹ́kún. "Ṣé ìdí nìyẹn tí Àǹtí ò fi wá sílé wa mọ́?"

Mo gbé ìyàrí sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ti ń gbé e kiri láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń gbé e lọ sí ilé ìwé, ó ń gbé e bọ̀, èmi tí mo ni ẹrù náà ń wò ó níran. Mo yí i kọjú sí mi, mo fi ìdí aṣọ mi nu ojú rẹ̀. Mo rò ó bóyá kí n ní àmúwá Ọlọ́run ni, kó rọrùn fún àwa méjèèjì.

Mo sọ fún un pé, "Gbọ́ mi dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì yẹn ti kán kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ó ti kán kó o tó gùn ún. Okùn kan ló so ó, mo rí okùn yẹn, èmi ni mo ní kí wọ́n gé e. Ìwọ kọ́. Àǹtí ẹ ò bínú sí ẹ. Èmi ni wọn ò tíì lè wò lójú, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́ láéláé, sọ pé mọ́mì mi ni."