Ohun tí Ràhmát Ṣe Gan-an

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilé-iṣẹ́ tí Ràhmát fẹ́ wọ̀ máa dẹ́kun gbígba ìwé ìwáṣẹ́. Iṣẹ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe, nínú yàrá ìyá rẹ̀ ní Ìsàn-Èkìtì. Ó ní kí n bá òun tún àkọsílẹ̀ ṣókí nípa ara òun ṣe. Mo kà á: "Mo wà lára àwọn tó ṣèrànwọ́ lórí ètò kan fún àwọn nọ́ọ̀sì."

Mo bi í pé, "Ta ló kọ ètò yẹn?"

"Èmi ni, Bọ̀ọ̀dá Máyọ̀wá. Ṣé kí n wá máa yin ara mi ni?"

"Kí ló ń ṣe?"

Ó ṣàlàyé, mo sì kọ ọ́, mo fi èyí tí mo rò kún un: "Mo kọ ètò tó ń bá àwọn nọ́ọ̀sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán ẹgbẹ̀rún méjì abiyamọ létí ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ wọn. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, ètò náà á tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ náà, á sì fi ránṣẹ́ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá padà dé. Èmi náà ni mo ya ojú rẹ̀ tí àwọn nọ́ọ̀sì ń rí."

Ó pa gbólóhùn ìkẹyìn rẹ́. "Tòhíbù tí a jọ ṣiṣẹ́ ló yà á."

Mo ka èyí tó kù. Orí mi wú.

"Ṣé èmi nìyí?" ló bi mí, kó tó fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ náà.