Gálásì Tó Ń Bọ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin yẹn ṣì ń dùn mí. Ọmọ ìlú Ìṣẹ́ ni, akẹ́kọ̀ọ́ mi tó wà ní ọdún àṣekágbá, níbi tí mo ti ń kọ́ni ní físíìsì ní yunifásítì ní Ìkẹ́rẹ́. Bí máàkì iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ bá gbé e dé fásìkíláàsì, wọn yóò gbà á síṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Ìyá rẹ̀ tiẹ̀ ti ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

A ò ní awò-awọ̀nàjíjìn kankan tí a lè fi wo ojú ọ̀run o. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti rí ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì, ìyẹn àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, tí wọ́n ti tú sí àwọ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Gáàsì haidirójìn máa ń ní ìlà kan nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, a sì mọ ibi tí ìlà náà ń wà nínú lábù wa níhìn-ín. Nínú ìmọ́lẹ̀ gálásì tó jìnnà, ìlà yẹn ti sún sí apá pupa, níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti gùn jù. Bí gálásì bá ṣe jìnnà tó ni ìlà rẹ̀ ṣe ń sún tó, torí pé òfuurufú tó wà láàárín wa ń fẹ̀, ó sì ń na ìgbì náà bó ṣe ń bọ̀. Ohun tó jẹ́ ká mọ̀ pé àgbáálá ayé ń gbòòrò nìyẹn. Ó yé ọmọ náà yékéyéké.

Lọ́jọ́ tó wá gbèjà iṣẹ́ rẹ̀, olùdánwò tó wá láti ìta, bàbá àgbàlagbà kan tí kì í pariwo, tẹjú mọ́ gíráàfù rẹ̀. Gbogbo àmì àwọn gálásì tò sórí ìlà títọ́ tí ọmọ náà fà. Ó ní, "Gálásì ńlá tó súnmọ́ wa yìí, o ní òun náà ń sá lọ?"



Ọmọ náà ti se èsì, ó ti yí nọ́ńbà gálásì náà padà kó lè bá ìlà mu. Àrùn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nìyẹn láti sẹ́kọ́ńdìrì: èyí tí kò bá bọ́ sórí ìlà, wọ́n á sè é títí yóò fi bọ́ síbẹ̀. Ọdọọdún ni mò ń bú wọn, ta ló ń gbọ́? Bẹ́ẹ̀, gálásì yẹn ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni. Ó súnmọ́ wa débi pé òòfà àwa àti òun borí fífẹ̀ òfuurufú, ìlà rẹ̀ sì sún sí apá búlúù. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Àwọn tó jìnnà gan-an ló ń jẹ́rìí fífẹ̀ náà.

Mo bẹ olùdánwò náà títí. Bàbá ní èsì tí a sè, sísè ni. Kí ni mo fẹ́ sọ? Fásìkíláàsì lọ, iṣẹ́ lọ.

Mo tẹ̀ lé ọmọ náà síta láti bú u dáadáa. Ó ní, "Mà, mo wọ̀n ọ́n títí, apá búlúù ló ń bọ́ sí. Mo rò pé ojú mi ni kò mọ̀ ọ́n wò."

Mi ò bú u mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló rí òótọ́, kò kàn gba ara rẹ̀ gbọ́ ni. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì kan ní Ẹmùré báyìí. Ó máa ń pè mí, a máa ń kí ara wa, ṣùgbọ́n mi ò tíì lè bi í bóyá àwọn ọmọ tirẹ̀ náà ń se èsì.