Àdúrà Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kà sí Ìdáhùn

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mọ igi ju bó ṣe mọ ènìyàn lọ. Káfíńtà ni, ọjà Katako, nílẹ̀ òkèèrè tí a ti ń ṣiṣẹ́, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, láàárín àwọn tó ń ta pákó àti àwọn tó ń ta irin àlòkù. Tó bá fọwọ́ pa pákó lára, á sọ fún ọ bóyá ó máa wọ́ tí ooru bá mú un. Ṣùgbọ́n tí o bá ní kó sọ ohun tó fẹ́ fún àgbàlagbà, á kí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, ohun tó fẹ́ náà á sì wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà.

Èmi ní tèmi, ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ni mo ní ní àdúgbò Poudrière. Mo máa ń bá àwọn ènìyàn tẹ ìwé, mo sì máa ń bá wọn fi í ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Iṣẹ́ yẹn ti sọ mí di aláìnísùúrù. Ẹni tó bá ti jókòó síwájú mi, mo máa bi í pé kí ló fẹ́ fi ránṣẹ́, kí ló sì fẹ́ kí ẹni tó gbà á ṣe. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rí èkejì dáhùn.

Lọ́jọ́ kan, ẹni tó ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Katako wá bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kó tún ìwé àdéhùn ṣe kí oṣù tó parí, tàbí kó kó kúrò, nítorí ẹlòmíràn ti ń bẹ òun fún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò fẹ́ tún un ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí kò sí nǹkan kan ju koríko gbígbẹ àti ewúrẹ́ àwọn aládùúgbò lọ. Ó fẹ́ kí ìjọ jẹ́ kóun kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kóun máa kọ́ àwọn ọmọ ìjọ níṣẹ́ níbẹ̀, kí ilé náà sì di ti ìjọ tó bá yá. Àbá tó dára ni. Mo bá a tẹ̀ ẹ́ di ojú ewé mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ ya àwòrán ṣọ́ọ̀bù náà, mo sì ya fọ́tò rẹ̀ kó lè bá àbá náà lọ.

Ara alága ìgbìmọ̀ ìjọ kò yá nígbà náà. Wọ́n wà ní Cotonou lọ́dọ̀ ọmọ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá wa ṣe ohun gbogbo lórí ímeèlì. Ọ̀rọ̀ tí alága kò bá fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé kì í dé ìpàdé, ìpàdé oṣù yẹn sì ti sún mọ́lé.

Mo kọ ímeèlì tó máa gbé àbá náà lọ. Mo kí bàbá, mo béèrè ara wọn, lẹ́yìn náà ni mo kọ ọ́ pé: “Ìwé méjì la so mọ́ ímeèlì yìí. Èkíní ni àbá wa lórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì ni àwòrán ṣọ́ọ̀bù tí a fẹ́ kọ́. A bẹ̀ yín kí ẹ fi wọ́n ránṣẹ́ sí akọ̀wé, kí ìgbìmọ̀ lè pinnu ní ìpàdé Sátidé bóyá ìjọ gbà kí a lo ilẹ̀ náà. A nílò ìdáhùn kí oṣù tó parí, nítorí a gbọ́dọ̀ fèsì fún onílẹ̀ Katako.”

Mo kà á fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó ṣí fìlà.

“Kai! Àbúrò mi, ta lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Alága ni.”

“Bàbá tó tó bí wa lọ́mọ! Ara wọn ò yá, èmi wá ń sọ fún wọn pé ẹ ṣe báyìí, ẹ ṣe é ní Sátidé. Ṣé èmi ni patron, ọ̀gá wọn, ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, tí a ò bá sọ ohun tí a fẹ́, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀?”

“Àgbà ni wọ́n. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi.”

Mo jà, mo tún jà. Ṣùgbọ́n òun ló ni àbá, orúkọ rẹ̀ ló máa wà lábẹ́ ímeèlì. Ó ní kí n nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó wá ń pe ọ̀rọ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́. Ó kí bàbá, ó kí ìyá, ó kí ọmọ tó gbà wọ́n lálejò, ó kí wọn kú òjò Cotonou. Nísàlẹ̀ pátápátá ló ti wá sọ pé: “Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀, kí ẹ fi ojú àánú wò ó nígbà tí ara bá balẹ̀.” Mo ní ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sí àkọlé ímeèlì náà, kí wọ́n lè rí i kí wọ́n tó ṣí i. Ó kọ̀. “Ẹ kú ìsinmi, sà” ló ní kí n kọ síbẹ̀.

Èsì dé lọ́jọ́ kejì: “Ẹ ṣé gan-an, ọmọ mi. Inú mi dùn. Olúwa yóò fìdí iṣẹ́ yín múlẹ̀, ẹ ó rí ibi tó dára fẹsẹ̀ lé.”

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn débi pé ó ń jó nínú ṣọ́ọ̀bù mi. “Ṣé o rí i? Ibi tó dára! Wọ́n ti gbà!”

“Ẹ̀gbọ́n, àdúrà nìyí o. Wọn ò dárúkọ ilẹ̀ kankan.”

“Níbo lo ti rí àgbà tó ń súre fún ohun tí kò fọwọ́ sí?”

Kí n má purọ́, èmi náà mọ ohun tó ń sọ. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, tí bàbá bá ti súre, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọjọ́ náà gan-an ló lọ sí Katako, ó sì sọ fún onílẹ̀ pé kó gbé ṣọ́ọ̀bù náà fún ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́.

Ní Sátidé, èmi àtẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́yìn níbi ìpàdé. Akọ̀wé ka ohun tí alága fi ránṣẹ́. Ọ̀kan ṣoṣo ni, ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá: wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìdáná sórí ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fẹ́ kí ìgbìmọ̀ fèsì lónìí. Gbólóhùn bíi mẹ́ta ni. Gbogbo ìgbìmọ̀ nawọ́ sókè, ó parí. Mo fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ẹ̀gbọ́n mi pé kó dìde. Ó mi orí.

“Kí n dìde kí n wá bá àwọn ìyá jìjà ilẹ̀?” ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ajórin ẹlòmíràn ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù Katako. Ẹ̀gbọ́n mi bá ẹnì kan ṣiṣẹ́ ní àdúgbò Lamordé fúngbà díẹ̀, bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ tó ti kọ́ àìmọye ènìyàn níṣẹ́. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ta irinṣẹ́ rẹ̀, ó padà sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Inú ń bí mi sí i bí mo ṣe ń kọ èyí, àárò rẹ̀ sì ń sọ mí, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Nígbà tí alága padà dé, wọ́n wá tẹ ìwé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n béèrè ẹ̀gbọ́n mi. Mo sọ pé ó ti lọ sílé, mo sì sọ ìdí rẹ̀. Wọ́n yọ fóònù wọn, wọ́n wá ímeèlì náà jáde, wọ́n wá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìwé tí a so mọ́ ọn. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́.

“Mo rò pé ẹ kàn ń kí mi ni,” ni wọ́n wí. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ìpinnu lẹ ń fẹ́? Láti orí ìdùbúlẹ̀ ni ǹ bá ti fi í ránṣẹ́ sí akọ̀wé.”

Wọ́n ní kí n pè é. Mo pè é, mo sì jẹ́ kóhùn rẹ̀ jáde síta. Ẹ̀gbọ́n mi kí wọn títí. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé àwọn ò mọ̀, ilẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn.

“Ẹ má bẹ̀ mí rárá, sà,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, mo sì mọ̀ lóhùn rẹ̀ pé ó ti dọ̀bálẹ̀ níbi tó wà. “Ẹ ṣáà tún súre fún wa.”

Bàbá la ẹnu, wọn ò rí àdúrà kankan ṣe.