Bí Mo Ṣe Bá Ìbàdàn Jagun Nínú Ìwé Ìdánwò

Kọ́ọ̀sì ìtàn kan ṣoṣo ló kù kí n tó parí yunifásítì. Mo ti fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, ó di ọdún kan sí i ní yàrá wa ní Tanke nílùú Ìlọrin, bàbá mi sì ti búra pé apá òun ò ká a mọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá. Ọmọ Èkìtì lèmi. Ó mú ìbéèrè ọdún tó kọjá fún mi kí n fi dánra wò: "Dé ìwọ̀n wo ni ìdíje ọrọ̀ ajé fi fa Ogun Kírìjì?" Ó ṣètò fóònù sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta.

Orí àwọn ajẹ́lẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn aṣojú tí Ìbàdàn rán wá jọba lé wa lórí. Mo kọ bí wọ́n ṣe ń kó ẹrù olẹ́rù, tí wọ́n ń fojú ọmọlójú rí màbo. Inú ń bí mi, bírò ń sáré. Nígbà tí fóònù dún, ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná lọ́wọ́ mi ni, n kò sì tíì dárúkọ ọrọ̀ ajé.

Ọ̀rẹ́ mi kà á tán. "Ìwé ẹ̀sùn lo kọ yìí, o ò dáhùn ìbéèrè."

"Kí ni mo retí kí ọmọ Ìbàdàn sọ?"

A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí dalẹ́, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan náà la fi ń se ìrẹsì.

Mo gbé ìdáhùn mi lọ bá olùkọ́ wa, ọmọ Ìlọrin, lọ́jọ́ kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ta ló fi ẹ́ ṣe adájọ́? 'Dé ìwọ̀n wo' ni wọ́n bi ẹ́. Sọ ibi tó o dúró sí ní ìpínrọ̀ àkọ́kọ́. Gbé ọrọ̀ ajé kalẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, gbé àwọn okùnfà yòókù tì í, kó o wá wọ̀n wọ́n. Ìlọrin náà bá yín gbógun ti Ìbàdàn nígbà yẹn. Wàláì, mi ò ní torí ẹ̀ fún ẹ ní máàkì."

Ọjọ́ ìdánwò dé, Kírìjì náà ló jáde. Mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún to ìdáhùn mi. Mo kọ ọ́, ó dùn mí dé egungun: pé Ìbàdàn kò ní ọ̀nà tirẹ̀ sí etíkun, pé àwọn Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ló di ọ̀nà ìbọn àti ẹ̀tù mú, wọ́n sì ń tì í nígbà tó bá wù wọ́n. Mo wá kan àwọn ajẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi sì dúró. Ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa, ṣé ọrọ̀ ajé kọ́ nìyẹn náà? Mo parí rẹ̀ pé ọrọ̀ ajé kó ipa ńlá, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan: ìfẹ́ òmìnira ló kó Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà jọ sójú ogun. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Mo yege. Ọ̀rẹ́ mi gbé mi sókè, àwa méjèèjì ń sunkún. Mo pe bàbá mi, ó dúpẹ́, ó súre fún mi, ó wá béèrè ohun tí mo kọ. Mo ṣàlàyé fún un, títí dórí ọ̀nà tí wọ́n tì mọ́ Ìbàdàn.

Bàbá mi rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ó dáa," ló wí. "Tó o bá délé, sọ fún wọn pé o yege. Má sọ bó o ṣe yege."